Kí Aago Má Baà Purọ́ fún Wa: Bí A Ṣe Ń Yẹ Seiko 5 Àlòkù Wò

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo ra aago ọwọ́ àlòkù kan tí wọ́n kọ Seiko 5 sí lójú. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Nígbà tí alátùnṣe aago ṣí i, bátìrì ló bá nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé Seiko 5 kì í lo bátìrì; bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń ju ọwọ́ ló ń fún un lágbára. Lọ́dún yìí, bàbá mi fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ ra irú aago tó máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ fún un. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. ₦45,000 ló pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sanwó kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn aago ni mo kọ́kọ́ kà. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7S26, èyí tí í ṣe orúkọ ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni 830412. Nínú irú nọ́ńbà oníbeji-mẹ́ta yìí, èyí tó ṣáájú ni òpin ọdún tí wọ́n ṣe aago náà, èyí tó tẹ̀ lé e sì ni oṣù. Oṣù kìíní dé ìkẹsàn-án ń lo 1 sí 9. Oṣù kẹwàá ń lo O, ìkọkànlá N, ìkejìlá D. Nítorí náà, oṣù kẹta ọdún tó parí sí 8 ni wọ́n ṣe aago yìí. Nọ́ńbà náà kò sọ ẹ̀wádún tó jẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 1996 ni ẹ́ńjìnnì 7S26 jáde. Ó lè jẹ́ 1998, 2008 tàbí 2018. Kò lè jẹ́ 1978.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe fín in náà. Ojúlówó máa ń ní ìlà tó mọ́, tí àlàfo àárín àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n àlòkù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ lè ti pa rẹ́ díẹ̀, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìrìn ẹ́ńjìnnì

Abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ti bátìrì ni. Ti 7S26 máa ń sún lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó ń yọ́ lọ. Aago ọwọ́ ọkùnrin yìí ń yọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ayédèrú tí kò lo bátìrì náà máa ń yọ́ lọ.

Mo wá fa kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde pátápátá. Nínú 7S26, abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kì í dúró tí a bá fà á. Èyí dúró. Mo tì í padà, mo yí i, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ká wáyà inú rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ wáìnì 7S26 báyẹn. Ẹ̀yìn aago ń sọ ohun kan, inú rẹ̀ ń sọ òmíràn.

Ìwọ̀n

Ayédèrú onírin fúyẹ́ sábà máa ń fúyẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi ike dí àyíká ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣéènì ṣe ìdájọ́. Ṣéènì ọ̀pọ̀ ojúlówó Seiko 5 fúyẹ́, ó sì máa ń dún, ẹni tó ń lò ó sì lè ti yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi orí aago nìkan wé orí irú rẹ̀ gan-an. N kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà n kò ka ìwọ̀n sí ẹ̀rí.

Ẹni tó ń tà á

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti rí i?"

Ó ní, "Àbúrò, ti bàbá mi ni. Ọdún 1978 ni wọ́n rà á."

Mo ní kí a jọ lọ bá alátùnṣe tó wà nítòsí kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni yóò sanwó. Ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e, pé kí n sanwó kíá tàbí kí n máa lọ. Ẹni tó bá ń kánjú lè jẹ́ aláìní lásán; ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí ọjà rẹ̀ wò, tí ìtàn rẹ̀ sì ta ko nọ́ńbà ẹ̀yìn aago, n kò lè gbà á gbọ́.

Ó lè jẹ́ pé ojúlówó ni ara aago náà, tí alátùnṣe kan kàn pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láìṣí i, n kò lè sọ pé ayédèrú ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ohun tó pe ara rẹ̀. Mo dá a padà fún un. Owó bàbá mi ṣì wà nílé. Mo ṣì ń wá aago.