Ìdá Mélòó, Nínú Kí Ni?

Nínú ìdìbò sí ipò Ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2019, nínú ẹni 100 tí ó forúkọ sílẹ̀, bí 35 ni a ṣàyẹ̀wò káàdì wọn ní ibùdó ìdìbò. Ní ọdún 2023, iye náà wálẹ̀ sí bí 27. Akéde kan lè sọ pé ìjáde àwọn olùdìbò fi 8 dínkù. Òmíràn lè sọ pé ó fi 23 dínkù. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ yọ 27 kúrò nínú 35. Ìyàtọ̀ láàárín ìdá méjì ni èyí, a ó sì pè é ní ojú-ìdá: ìjáde fi ojú-ìdá 8 wálẹ̀. Ẹnì kejì béèrè pé, apá wo ni 8 yìí jẹ́ nínú 35 tí a ti bẹ̀rẹ̀? Ó pín 8 sí ọ̀nà 35, ó sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Ó rí bí 23. Èyí ni ìdá ìyípadà. Bí ìwé ìròyìn bá wá kọ ọ́ pé ìjáde fi ìdá 8 nínú 100 dínkù sí ti tẹ́lẹ̀, àṣìṣe ni, nítorí ìdá 8 nínú 100 lára 35 kò tó 3. Ìjáde ì bá ṣì wà ní bí 32.

Ìdá ìyípadà máa ń ga fíofío nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ bá kéré. Ká sọ pé ìbò 400 ni wọ́n dì ní ibùdó kan nígbà méjì. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ní ìbò 4 tẹ́lẹ̀, ó wá ní 12. Ẹgbẹ́ kejì ní 200, ó wá ní 260. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní lè kéde pé òun fi ìdá 200 nínú 100 pọ̀ sí i, nígbà tí ti ẹgbẹ́ kejì jẹ́ 30 péré. Síbẹ̀, ènìyàn 8 ni ẹgbẹ́ kìn-ín-ní rí kún tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì sì rí 60. Nínú gbogbo ìbò ibùdó náà, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní fi ojú-ìdá 2 gòkè, láti 1 sí 3. Ẹgbẹ́ kejì fi 15 gòkè, láti 50 sí 65.

Kò sí irọ́ nínú 200 yẹn. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni 4 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí olùdíje kan bá sọ pé òun ti fi ìdá 300 nínú 100 kún kànga ẹ̀rọ àdúgbò, kí olùdìbò béèrè iye tí ó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tí ó wà nísinsìnyí. Bí kànga kan péré ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ báyìí.