Ẹni Tó Ń Bọ̀ Láàárín Aago Mẹ́jọ sí Aago Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Ìlú Ọba, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí yóò wọlé sórí fóònù yín: "Ẹnjiníà wa yóò wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì ilé yín wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán." Ẹ má ṣe dákẹ́ sí i.

Àbúrò ìyàwó mi dákẹ́ sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ilé ń sùn sí pálọ̀ rẹ̀ nígbà náà, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé ilé. Bó ṣe rí i pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ nǹkan wò, àyà rẹ̀ já. Ó rò pé orí ni wọ́n fẹ́ wá kà. Ẹnjiníà dé, ó kanlẹ̀kùn, ó fi káàdì sílẹ̀. Wọ́n kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kejì, ìyẹn náà bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, lẹ́tà lọ́yà onílé ló dé: wọn yóò lọ sílé ẹjọ́ gba àṣẹ láti wọlé, wọn yóò sì bẹ adájọ́ kí owó ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kan ẹnjiníà gáàsì pẹ̀lú pálọ̀. Òfin ọdún 1998 ló ní kí onílé mú ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe Register wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12. Bọ́ílà ni yóò yẹ̀ wò, àti páìpù tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde, àti sítóòfù gáàsì tó bá jẹ́ ti onílé. Bí èéfín yẹn bá ń padà sínú ilé, kò ní òórùn, ojú oorun ló sì lè pa èèyàn mọ́. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà kí ọjọ́ 28 tó pé. Òfin gbà á láyè kí ó ṣe é láti nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú kí ti àtijọ́ tó parí. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ fi máa ń rọra sọ̀rọ̀, tí ti ìkẹyìn á sì le koko: ọjọ́ ti tán lọ́wọ́ onílé.

Ẹ wá gbọ́ ti aago. Ní Ìbàdàn, púlọ́ńbà á ní òun ti wà lójú ọ̀nà, ẹ ó pè é títí, á ní "ẹ má bínú, mọ́mì," yóò sì dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀rín. Tibí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè kanlẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè jẹ́ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù ni yóò dé. Ó lè pè yín lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú nọ́mbà tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ kò bá gbé e, yóò dúró díẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú fóònù iṣẹ́ rẹ̀ pé òun kò ráàyè wọlé, yóò sì gba ilé ẹlòmíràn lọ. Ohun tó kọ yẹn ni ọ́fíìsì yóò gbà gbọ́.

Bí àsìkò náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ní England, òfin ọdún 1985 ní kí onílé tó fẹ́ wá wo bí ilé rẹ̀ ṣe rí kọ̀wé sí yín ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú, kó sì wá ní àsìkò tó bójú mu. Nígbà tí lẹ́tà lọ́yà dé, àbúrò wa jókòó, ó kọ èsì kan tí gbólóhùn rẹ̀ lọ báyìí: "Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, n kò lè jí láàárọ̀ Ìṣẹ́gun. Mo wà nílé ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́wàá sí aago méjì. Aago ẹnu ọ̀nà kò dún, kí ẹnjiníà pè mí tó bá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì." Ó fi nọ́mbà iṣẹ́ tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí i. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàlàyé ẹbí. Ẹni tó lọ́mọ lè ní kí wọ́n yẹra fún àkókò tí òun ń gbé ọmọ lọ síléèwé tàbí tí òun ń lọ mú un. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ní àyè fún un.

Ẹnjiníà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó béèrè ibi tí bọ́ílà wà, wọ́n mú un lọ sí kíṣìnnì. Kí ó tó wọlé, àbúrò wa gba káàdì Gas Safe rẹ̀: àwòrán àti nọ́mbà wà níwájú, irú iṣẹ́ tó láṣẹ láti ṣe wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Bí ẹ bá dúró títí aago kan fi kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dé, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ pe ọ́fíìsì kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, ẹ béèrè ohun tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀. Bó bá kọ pé ẹ kò sí nílé, ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tiyín náà lè wà lákọsílẹ̀. Ní ti àlejò inú pálọ̀, onílé ni kí ẹ lọ bá sọ ọ́. Bọ́ílà kò mọ̀ nípa rẹ̀.