Ẹ̀rọ Omi Tí Kì Í Pẹ́ Dákẹ́

Ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ránṣẹ́ pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan pé ẹ̀rọ omi òun ń ṣe bí àbíkú. Bí wọ́n bá tan án, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, bọ́tìnì inú àpótí rẹ̀ a ta, ẹ̀rọ a sì dákẹ́. Súmò ni àwọn oníṣẹ́ omi ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Ìsàlẹ̀ kànga jíjìn, nínú omi gan-an, ni ó ń gbé.

Bọ́tìnì náà ni à ń pè ní ofalóòdù. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ń gbóná díẹ̀díẹ̀ bí iná tí ẹ̀rọ ń fà bá ju ìwọ̀n lọ. Bí ó bá gbóná tó, a tẹ̀, a sì gé iná. Ìdí nìyí tí kì í fi í ta lójú ẹsẹ̀.

Mo bá ọmọkùnrin kan tí ń tẹ̀ ẹ́ padà léraléra. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ó fi í sílẹ̀. Wáyà inú ẹ̀rọ ni yóò jóná."

Nígbà tí ó tutù, a tan án, mo sì wọn iná nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nítorí iná tí a wọn nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ lè tan ni jẹ. Fóltì 172 ni mo bá, dípò 230. Áńpíà 6 ni wọ́n kọ sára àpótí, ṣùgbọ́n 8 ni ẹ̀rọ ń fà. Kò yani lẹ́nu: omi tí ó ń gbé kò fúyẹ́ sí i, nítorí náà bí fóltì bá rẹlẹ̀, áńpíà ni yóò pọ̀.

Ǹ bá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì a yá jẹnẹrétọ̀ tí fóltì rẹ̀ jẹ́ 225. Áńpíà bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó gun 7, ó kọjá rẹ̀, ofalóòdù sì tún ta. Àìsàn kejì wà nílẹ̀. Mo gbe omi sínú báàfù funfun, mo jẹ́ kí ó silẹ̀. Iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dàbí ti Abẹ́òkúta olókùúta; iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti wọ àárín àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí ń ti omi sókè, ó sì ń dì wọ́n mú.

A fa súmò jáde, a fọ àwọn kẹ̀kẹ́ náà, a sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn jáde títí omi fi mọ́. A gbé e kọ́ sókè ju ibi tí omi ti ń wọnú páìpù kànga, a sì dín ẹnu fáàfù kù kí omi má baà fi agbára wọ́ iyanrìn. Bí páìpù alájẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ bá ti ya ni, gbogbo èyí kì bá tí pẹ́ kí iyanrìn tó padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, báàfù mọ́, áńpíà sì dúró sí 6. Màmá kò fa omi lálẹ́ mọ́, àyàfi bí iná bá dára.