Ẹ Fi Nọ́ńbà Àtijọ́ Sílẹ̀ fún Àwọn Oníbàárà

Aránṣọ ni mí ní Ìgèdè-Èkìtì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ni wọ́n kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà láti Adó, Ìyìn àti Àrámọ̀kọ́ máa ń fi ìwọ̀n ara wọn àti fọ́tò sítáìlì ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ibẹ̀ náà ni ẹbí mi, àwọn ará ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Láìpẹ́ yìí, ìwọ̀n oníbàárà kan sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ ẹbí, mo sì gé aṣọ rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé fọ́tò bàbá mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn sí Status kí àwọn àbúrò mi lè rí i, àfi bí àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ọmọ mi ní kí n ra síìmù kejì, kí n sì fún àwọn oníbàárà ní nọ́ńbà tuntun. Fóònù mi ń gba síìmù méjì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
Ìyá Aránṣọ, Ìgèdè-Èkìtì

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ nípa síìmù kejì, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹbí ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà tuntun, kí ti àtijọ́ di ti ṣọ́ọ̀bù pátápátá. Ẹ wo ẹni tó lè ṣìnà bí ẹ bá ṣe é lódìkejì. Obìnrin kan tó rán aṣọ ẹbí lọ́dọ̀ yín ní ọdún méjì sẹ́yìn, tó wá fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà tó wà lára pátákó yín ni yóò pè. Ẹ kò mọ ibi tó wà, ẹ kò sì lè wá a kàn kí ẹ tó yí nọ́ńbà padà. Bí kò bá rí yín, aránṣọ mìíràn ni yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ bá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ní tiwọn, ìkéde kan péré nínú ẹgbẹ́ ẹbí ti tó wọn.

Ẹ ra síìmù náà ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni ín ní Adó, kí ẹ mú nọ́ńbà NIN yín dání, kí wọ́n sì fi orúkọ yín gan-an forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ra èyí tí ẹnìkan ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń tà lẹ́bàá títì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí síìmù lè lọ sọ pé ó sọnù, kí wọ́n fún òun ní òmíràn, yóò sì gba kóòdù Wọ́sáàpù yín láti ibẹ̀.

Áàpù tí ẹ máa wá lórí Play Store ni WhatsApp Business. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́tà B ló wà láàárín àmì rẹ̀, níbi tí àwòrán tẹlifóònù wà nínú Wọ́sáàpù tí ẹ ń lò. Áàpù méjèèjì lè jọ wà lórí fóònù kan, àmọ́ nọ́ńbà kan kò lè wà nínú méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí síìmù kejì fi pọn dandan. Ẹ sá fún àwọn ayédèrú Wọ́sáàpù tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, torí ilé iṣẹ́ Wọ́sáàpù lè ti nọ́ńbà ẹni tó ń lò ó pa.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wọ Settings nínú Wọ́sáàpù yín, ẹ tẹ Chats, kí ẹ tẹ Chat backup, lẹ́yìn náà Back up, kí ẹ sì dúró títí yóò fi parí. Ìwọ̀n ara àwọn ènìyàn wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí WhatsApp Business, kí ẹ fi nọ́ńbà àtijọ́ sí i. Yóò rí i pé nọ́ńbà náà ti wà lórí Wọ́sáàpù, yóò sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó o wá. Ẹ gbà fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ yín yóò ṣí lọ síbẹ̀, Wọ́sáàpù ti tẹ́lẹ̀ yóò sì jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wá ṣí òun náà, kí ẹ fi nọ́ńbà tuntun sínú rẹ̀. Ẹ ó rí bọ́tìnì kan tí wọ́n ń pè ní Change number. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ńṣe ló máa kó ẹgbẹ́ yín àti ohun gbogbo sórí nọ́ńbà tuntun, tí nọ́ńbà ara pátákó yóò wá ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ti àtẹ̀yìnwá yóò ti bá ti oníbàárà lọ sínú Business, kò sì sí bí a ṣe lè yà wọ́n nípá. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi í sí Archive, kó lè kúrò lójú. Ní ti àwọn ẹgbẹ́, ẹ ní kí alákòóso fi nọ́ńbà tuntun kún un kí ti àtijọ́ tó jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni alákòóso ẹgbẹ́ kan, ẹ kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà tuntun di alákòóso.

Status kì í hàn sí ẹni tí kò ní nọ́ńbà yín lórí fóònù rẹ̀. Fọ́tò Bàbá tí ẹ bá gbé sórí nọ́ńbà ẹbí kò ní dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì fún oníbàárà kankan ní nọ́ńbà náà. Oníbàárà tó bá di ọ̀rẹ́ yín gan-an, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni kó ṣì máa lò.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé láti ọdún 2023 ni Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀ ti ń gba nọ́ńbà méjì lórí fóònù Android, níbi tí wọ́n kọ Add account sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n áàpù kan náà ni ẹ ó máa wò, wéré sì ni ènìyàn máa ń fi nọ́ńbà kan ṣe ohun tó yẹ kó fi èkejì ṣe, pàápàá tí aṣọ bá wà lórí máṣíìnì. Àmì méjì tó yàtọ̀ síra dára jù fún yín. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀ náà, kí ẹ lè mọ èyí tó ń dún kí ẹ tó gbé fóònù.

Business tún ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Away message. Ẹ kọ́kọ́ kọ àkókò tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí àti ìgbà tó ń tì sínú Business profile yín, kí ẹ wá yàn án nínú Away message pé lẹ́yìn àkókò yìí ni kó máa dáhùn. Ẹni tó bá kọ̀wé ní aago mẹ́wàá alẹ́ yóò rí i pé: “Ẹ ṣeun. A ti ti ṣọ́ọ̀bù, a ó dá yín lóhùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n yín àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba aṣọ sílẹ̀.” Fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí dátà kó tó lè fi ìdáhùn náà ránṣẹ́. Bí ẹ bá pa dátà kí ẹ tó sùn, oníbàárà kò ní rí nǹkan kan.

Síìmù tuntun tí a kì í fi pe ẹnikẹ́ni lè kú. Òfin NCC ni pé bí síìmù bá lo ọgọ́sàn-án ọjọ́, ìyẹn 180, láìṣe ohun kankan tó mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè pa á. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, olúwarẹ̀ sì lè fi ṣí Wọ́sáàpù. Ẹ máa ra káàdì sórí rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì fi pe àwọn àbúrò yín. Lónìí náà, nínú áàpù méjèèjì, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, lẹ́yìn náà Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹlẹ́yọ mẹ́fà sí i. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó bá pè pé ilé iṣẹ́ Wọ́sáàpù ni òun ti ń pè.