Bàsíà Kékeré Tó Wà Lára Aṣọ Yín: Kí Ló Ń Sọ?

Ẹ wo inú kọ́là tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ yín. Lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán. Èyí tó jọ bàsíà olómi ni ti fífọ̀. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ló ń sọ bí omi ṣe lè gbóná tó. Tí ẹ bá rí 40, kì í ṣe pé dandan ni kó jẹ́ 40 o. Kó má ṣáà ti kọjá 40 ni. Ẹ lè lo 30, kò sí wàhálà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ìsàlẹ̀ bàsíà yẹn. Tí kò bá sí ìlà níbẹ̀, aṣọ náà lè gba yíyí tó le. Ìlà kan ní kí ẹ̀rọ rọra yí i, ìlà méjì ní kó rọra gan-an. Tí ọwọ́ bá wà nínú bàsíà, ọwọ́ lẹ máa fi fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fa X lé e, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ nílé rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá pín ẹrù ilé kan. Táwẹ̀lì funfun méjì àti bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun kan wà níbẹ̀, 60 ni wọ́n, kò sí ìlà. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù jẹ́ 30 pẹ̀lú ìlà kan. Ṣẹ́ẹ̀tì pọ́líẹ́sítà jẹ́ 40 pẹ̀lú ìlà kan. Jíǹsì tuntun jẹ́ 40. Súẹ́tà onírun àgùntàn ní àmì ọwọ́.

Òfin rẹ̀ ni pé aṣọ tó gbẹgẹ́ jù ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹrù. Tí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀, súẹ́tà ló máa pàṣẹ, ìdọ̀tí táwẹ̀lì ò sì ní kúrò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín wọn.

Súẹ́tà kọ́kọ́ kúrò. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Nínú omi gbígbóná tó ń yí, àwọn ìpẹ́ yìí á há mọ́ra, aṣọ á sì sún kì. Kì í padà sípò mọ́. Táwẹ̀lì àti ṣíìtì lọ sí Cotton, 60. Jẹ́sì àti ṣẹ́ẹ̀tì lọ sí Synthetics, 30. Pọ́líẹ́sítà máa ń rọ̀ tó bá gbóná. Tí ẹ̀rọ bá fún un le nígbà yẹn, ìwúnjọ á dúró sára rẹ̀. Nítorí náà ẹ má kún ẹ̀rọ ju ìdajì lọ.

Jíǹsì ńkọ́? Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ inú rẹ̀. Tí aró bá ràn án, ẹ dá a fọ̀. Tí kò bá ràn, ẹ yí i sódì, ẹ fa síìpù rẹ̀ pa kó má baà fa jẹ́sì ya, kó wá bá wọn lọ ní 30.