Bàtà Ìsáré Àkọ́kọ́ fún Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹlẹbẹ

Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tí yóò sá eré mítà 1,500 mọ́ pátákó, ó ti tó ènìyàn mẹ́ta tó wá bi mí pé ṣé ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ lè sáré. Ó lè sáré o! Ẹsẹ̀ tèmi náà tẹ́ bí ojú tábìlì, mo sì wà lára àwọn tó ń sáré fún ilé wa. Bàtà ni wàhálà wà, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún un lówó bàtà lọ́dún yìí. Tó bá lọ ra èyí tó ń há a lẹ́sẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo ẹsẹ̀ yín ná. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ dúró lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, kí ẹ wá kúrò níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tó ní kòtò máa ń tínrín láàárín. Ti ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ á kún láti gìgísẹ̀ dé iwájú. Ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí ẹnì kan wò yín láti ẹ̀yìn. Bí kòtò bá yọ nígbà tí ẹ ga sókè, tí gìgísẹ̀ sì yí díẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ yín rọ̀. Ìwúwo ara ló kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irú èyí ló pọ̀ jù, bí kò bá sì dunni, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí kòtò kò bá yọ rárá tí ẹsẹ̀ sì le gbagidi, tàbí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, tàbí tó ń dunni lábẹ́ kókósẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú, dókítà ni kí ẹ lọ rí. Bàtà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn tó ń tajà á sọ fún yín pé ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ ra bàtà tó ní gegele ńlá nínú, kó lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má tètè gbà. Ní 2009 àti 2010, ìròyìn ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n fún apá kan ní bàtà gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe rí: ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ gba èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹ̀ sínú púpọ̀, ẹni tí kòtò rẹ̀ jìn gba onífóòmù rírọ̀. Wọ́n fún apá kejì ní irú kan náà láìwo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó farapa, ìyàtọ̀ apá méjèèjì kò tó nǹkan. Nítorí náà, a kò lè fi ìrísí ẹsẹ̀ nìkan yan bàtà. Bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀ sínú wà lóòótọ́. Fóòmù ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ máa ń le ju ti ìta lọ, nígbà mìíràn àwọ̀ ibẹ̀ á dà bí eérú. Ó bá àwọn kan lára mu. Bí ẹ bá rí i, ẹ wọ̀ ọ́ wò, àmọ́ bó bá ń gún yín lábẹ́, ẹ dá a padà.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọbìnrin kíláàsì wa, lọ sí ọjà òkìrìkà ní Yábà. Owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 15,000 náírà. Ìrọ̀lẹ́ la lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Bàtà tó gba ẹsẹ̀ láàárọ̀ lè há a nírọ̀lẹ́. Ó sì mú ìbọ̀sẹ̀ tó fi ń sáré dání.

Bàtà àkọ́kọ́ tó gbé jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, fóòmù rẹ̀ nípọn, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì Àgége. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Mo gbé bàtà náà ka orí tábìlì oníbàtà, a wò ó láti ẹ̀yìn: méjèèjì ló dagun sínú. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ inú pa. Gbogbo ẹsẹ̀ ló máa ń yẹ̀ sínú díẹ̀ bó bá balẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí ara gba ipá ilẹ̀ mọ́ra nìyẹn. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ sábà máa ń ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà tó ti wọ́ sínú tẹ́lẹ̀ á wá tún tì í sí i, iṣan ẹ̀gbẹ́ ojúgun á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekún. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ bàtà náà bí ẹni ń fún aṣọ, ó sì lọ́ bí àkísà. A gbé e sílẹ̀.

Ìkejì tuntun ni, inú páálí ló wà, ó sì le dáadáa. Oníbàtà búra pé nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni. Gígùn ni nọ́ńbà ń sọ, kì í sọ ìbú. A yọ ìtẹ́nú bàtà náà, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ dúró lé e. Ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka kan. Ibi tó yọ yẹn gan-an ni bàtà yóò ti máa bó o. Oníbàtà ní, “Àǹtí, á nà, ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́.” Aṣọ òkè bàtà lè nà díẹ̀, ìsàlẹ̀ kì í fẹ̀ sí i. Àwọn kan á lọ mú nọ́ńbà tó ga jù nítorí ìbú, gìgísẹ̀ wọn á wá máa yọ lẹ́yìn. Ó sàn kéèyàn wá èyí tó fẹ̀ ní gígùn kan náà. Mo ní ká wo ti ọkùnrin, torí ó sábà máa ń fẹ̀ ju ti obìnrin lọ.

Ibẹ̀ la ti rí ìkẹta, òkìrìkà ni, àwọ̀ rẹ̀ kò wu ọ̀rẹ́ mi rárá. Ó dúró gbọọrọ lórí tábìlì. Mo fún ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, kò wó. Mo tẹ̀ ẹ́, ìdí ọmọ ìka ló ti tẹ̀, kì í ṣe àárín. Etí rẹ̀ kò la, àtẹ̀ rẹ̀ ṣì mú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù, ó padà sípò. (Fóòmù tó ti pẹ́ jù máa ń gan, bó tiẹ̀ mọ́ tónítóní.) Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ lórí ìtẹ́nú. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tó dúró, ìbú àtàǹpàkò kan ló kù níwájú ìka tó gùn jù. Mo ní kó sáré lọ dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà kó sì padà, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi í pé kí ló mọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ ní 18,000, a san 13,500.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń sá báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí koríko pápá, tó ń fi ìrìn là á. Ara ríro lẹ́yìn ojúgun méjèèjì tó lọ láàárín ọjọ́ méjì kò ṣe nǹkan. Èyí tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ inú egungun ojúgun, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ dúró, ẹ sinmi. Bí kò bá lọ, ẹ wá olùtọ́jú. Ẹ sì máa gbé bàtà yín ka orí tábìlì lóṣooṣù. Ọjọ́ tó bá ti dagun sínú, ẹ fi máa rìn lọ sọ́jà.