Níbo Ni Ká Gé Ìfun Náà? Fúrósìn Sẹ́kíṣọ̀n Nínú Iṣẹ́ Abẹ Ọmọdé

Ọ̀nà gígùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa nínú kíláàsì patọ́lọ́jì. A ó ti ẹran ara bọ fọ́málìn, a ó fi ọtí fa omi inú rẹ̀ jáde, a ó rì í sínú ìda párafínì, a ó gé e pẹlẹbẹ, a ó rẹ ẹ́ sínú aró, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Bí ó bá yá gan-an, ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, tí ó ń bá aláìsàn béèrè èsì, mọ̀ pé ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè kan wà tí kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé inú aláìsàn ti là sílẹ̀, oníṣègùn akunilára ń wo aago, oníṣẹ́ abẹ sì mú ọ̀bẹ dání láìtíì mọ ibi tí yóò gé. Fúrósìn sẹ́kíṣọ̀n ló ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn. Dípò ìda, yìnyín ni a ń lò láti mú kí ẹran ara le tó láti gé. Ohun tí ìda ń fi ọjọ́ ṣe, òtútù ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èrò náà ti pẹ́. Ní 1891, William Welch gbìyànjú rẹ̀ ní Johns Hopkins fún William Halsted tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọmú, ṣùgbọ́n Halsted ti parí iṣẹ́ kí síláìdì Welch tó ṣe tán. Ní 1905, William Mayo ní Minnesota ní kí Louis Wilson wá ọ̀nà tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kìíní ọdún ni, ìgbà tí òtútù ibẹ̀ le jù lọ. Wilson gbé ẹran ara sójú fèrèsé, ó dì, ó gé e, ó sì rẹ ẹ́ sínú aró búlúù. A kò ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ní Mushin o. Ẹ̀rọ kiráyósítáàtì ni tiwa: fìríìsà kan tí ẹ̀rọ agéran wà nínú rẹ̀, tí òtútù inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni fúrósìn ń dáhùn, ìyẹn ni pé ṣé jẹjẹrẹ ni àbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ń dáhùn ìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn Hirschsprung ni mo fẹ́ mú lónìí, nítorí pé níbẹ̀, a ti mọ orúkọ àìsàn náà kí wọ́n tó gbé ọmọ wọ tíátà. Ohun tí a kò mọ̀ ni ibi tí àìsàn náà parí sí.

Sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín iṣan ìfun tí a ń pè ní gángílíọ́nì. Òun ló ń sọ fún ìfun pé kí ó dẹ̀, kí ìgbẹ́ lè kọjá. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, láti òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti ń rìn wá sí ìsàlẹ̀, títí dé ihò ìdí. Nínú ọmọ bí 1 nínú 5,000, wọ́n dúró lójú ọ̀nà, bí dánfó tó gba owó Ọbáléńdé lọ́wọ́ èrò ní Oṣòdì tí ó sì já gbogbo wọn sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Láti ibi tí wọ́n dúró sí títí dé ihò ìdí, ìfun náà fún pọ̀, kò dẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ń tì, ó ń tì, títí tí yóò fi wú. Nítorí náà, ìfun tó wú gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ojú kọ́kọ́ ń rí nígbà tí wọ́n bá la inú ni ìfun tó ní gángílíọ́nì. Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ni ọ̀daràn. Ẹ rántí èyí bí wọ́n bá bi yín nígbà ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin olóṣù márùn-ún kan ní àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ sọ pé ọjọ́ kẹta ni ó tó yà ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ jòjòló ń yà á kí wákàtí 24 tó pé. Láti ìgbà náà ni inú rẹ̀ ti ń wú. Wọ́n ti gé ẹran díẹ̀ lókè ihò ìdí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ṣe é ní ọ̀nà párafínì, kò sí gángílíọ́nì kankan níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì: orúkọ àìsàn ní láti ti ọ̀nà párafínì jáde. Kò sí ẹni tó yẹ kó yọ ìfun ọmọ nítorí fúrósìn nìkan ló sọ pé sẹ́ẹ̀lì kò sí.

Oníṣẹ́ abẹ là á. Ó rí ibi tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gé ẹran kékeré kan lára iṣan ibẹ̀, kò tó ìdajì ìka ọwọ́, ó pè é ní A. Ó gé òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lókè rẹ̀, ó pè é ní B, àti ẹ̀kẹta ní sẹ̀ǹtímítà 5 lókè ìyẹn, C. Ó fi òwú sàmì sí ojú ibi kọ̀ọ̀kan lára ìfun, kí ó lè mọ ibi tí èsì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Ẹran náà lọ sí yàrá patọ́lọ́jì bó ṣe wà, lórí gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi omi iyọ̀ rẹ díẹ̀. Fọ́málìn kò gbọdọ̀ kàn án, kò sì gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀. Omi tó bá wọ inú ẹran yóò di òkúta yìnyín wẹ́wẹ́, yóò dá ihò sí i lára bíi kànrìnkàn, sẹ́ẹ̀lì tí a ń wá yóò sì fọ́ dànù. Ìdí nìyẹn náà tí ó fi yẹ kí ẹran dì ní kíákíá: bí dídì bá ṣe falẹ̀ tó ni òkúta yìnyín ṣe ń tóbi tó.

Ní yàrá patọ́lọ́jì, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jù ni bí a ṣe ń tẹ́ ẹran náà sínú gẹ́ẹ̀lì kó tó dì. Gángílíọ́nì wà láàárín ìpele iṣan méjì, ti inú àti ti ìta. Ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀bẹ lè gé ìpele méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gé búrẹ́dì tí a fi bọ́tà sí láàárín. Bí ó bá sùn gbalaja, ó ṣeé ṣe kí a gé ìpele kan ṣoṣo títí tí ẹran yóò fi tán, kí a sì máa sọ pé sẹ́ẹ̀lì kò sí, nígbà tí a kò tíì dé ilé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a gé e ní nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 5, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì, a rẹ ẹ́ sínú aró hẹmatọ́sílìnì àti éósìn, ó kángun sábẹ́ maikirosikóòpù. Láti ìgbà tí ẹran kan bá ti wọlé, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ibi púpọ̀ ń lé. Nígbà tí ó jẹ́ mẹ́ta, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i.

Patọ́lọ́jísìtì gbé fóònù.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. A kò ní gángílíọ́nì rárá, nááfù ibẹ̀ sì nípọn.”

“Mo gbọ́, sà. B ńkọ́?”

“B ní díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wà, nááfù tó nípọn ṣì wà pẹ̀lú wọn. Ẹ má ṣe gé e níbẹ̀. C pé pérépéré.”

Ìdáhùn lórí B ni mo fẹ́ ká dúró lé. Ẹni tó bá ń kánjú yóò rí gángílíọ́nì méjì mẹ́ta, yóò sì pariwo pé ó ti dé. Ṣùgbọ́n ibi tí àìsàn parí sí kì í ṣe ìlà tààrà. Ibùsọ̀ kan wà láàárín, tí sẹ́ẹ̀lì wà ní apá kan ìfun tí kò sì sí ní apá kejì, tí nááfù ibẹ̀ sì ń nípọn kọjá máíkírọ́ọ̀nù 40. Bí wọ́n bá so irú ìfun bẹ́ẹ̀ mọ́ ihò ìdí, ọmọ yóò padà wá pẹ̀lú inú wíwú kan náà, wọn yóò sì tún un là. Nítorí náà ni kò fi tó láti béèrè pé ṣé gángílíọ́nì wà. A ní láti béèrè pé ṣé ó pọ̀ tó, ṣé ó yí ká, ṣé nááfù rí bó ṣe yẹ.

Oníṣẹ́ abẹ gé ìfun náà díẹ̀ lókè C. Kó tó so ó, ó fi òrùka ìfun kan ránṣẹ́, odidi àyíká ibi tí òun gé, nítorí pé ẹran kékeré C kò lè sọ ohun tó wà ní òdì kejì. Ìdáhùn dé: sẹ́ẹ̀lì yí òrùka náà ká. Ó fa ìfun wálẹ̀, ó so ó mọ́ ihò ìdí. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo.

Níbi tí kò sí kiráyósítáàtì, tàbí tí iná lọ tí ẹ̀rọ náà yọ́ (ó ń gba wákàtí kó tó tutù padà, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í tètè gbọ́ ti ẹnikẹ́ni), ọmọ kan náà yóò gba kọ́lọ́sítọmì lákọ̀ọ́kọ́. Ìfun yóò máa ya ìgbẹ́ sí ara ikùn, ìyá yóò máa fi aṣọ dì í fún oṣù mélòó kan. Wọ́n á dúró de párafínì, wọ́n á padà wá fa ìfun wálẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tún padà wá pa ojú kọ́lọ́sítọmì dé. Iṣẹ́ abẹ méjì tàbí mẹ́ta, àti owó mẹ́ta. Kì í ṣe pé ọ̀nà yẹn burú, ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ ló ti gbà là.

Ọmọ jòjòló gan-an ló ń dán patọ́lọ́jísìtì wò jù. Gángílíọ́nì àgbà rọrùn láti dá mọ̀: ó tóbi, ojú inú rẹ̀ yípo, ẹ̀kún kan sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹyinjú. Ti ọmọ ọ̀sẹ̀ kan kò tíì gbó, ó kéré, ó lè jọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lójú yìnyín. Nígbà míì ìdáhùn tó tọ́ ni pé “mi ò lè sọ, ẹ fún mi ní òmíràn” tàbí “ẹ jẹ́ ká dúró de párafínì.” Oníṣẹ́ abẹ lè máà fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yí iṣẹ́ náà padà: yóò ṣe kọ́lọ́sítọmì, yóò sì pa ikùn dé.

Ìyókù ẹran tó dì náà kò ní lọ sínú garawa. Wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á tì í bọ fọ́málìn, wọ́n á ṣe é ní ọ̀nà gígùn, ẹni tó ka fúrósìn á sì tún un kà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní wọ́ọ̀dù.